Fọ́tò Kò Mọ Ọjọ́ Ìbí

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́, àwọn kóòṣì àti àwọn òbí sọ ní Kàbbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.)

Okun o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Okun o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin kóòṣì.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kọ́ yín bí a ṣe ń fi fọ́tò dá ọmọ tó ti dàgbà ju ìdíje lọ mọ̀, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Láti ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn ni mo ti ń ya fọ́tò ní ìlú yìí. Mo ti ya ìkókó ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, mo ti ya arúgbó tí wọ́n gbé jókòó, mo ti ya òkú pàápàá. Bí mo bá wo ojú ènìyàn nínú fọ́tò lónìí, mo lè sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, mo lè sọ bí kámẹ́rà ṣe jìnnà tó. Ọjọ́ orí ni n kò lè sọ. Nítorí náà mo ti yí orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi padà, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ìdíje bọ́ọ̀lù kan wà láàárín àwọn ìlú díẹ̀ ní Ìjùmú àti Ìyàgbà. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 15 kò gbọdọ̀ gbá a. Àwọn ìgbìmọ̀ kó fọ́ọ̀mù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò kékeré wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Onífọ́tò, ìwọ lo ń wo ojú ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́. Bá wa yẹ àwọn ọmọ yìí wò.” Orí mi wú. Mo fi awò mi sójú, mo ń ṣí fọ́ọ̀mù bí adájọ́. Nígbà tí mo kan ọmọkùnrin kan, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Èyí? Kò lè dín ní 19.” Wọ́n fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà wá. Kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó gbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sórí káńtà mi, ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó ní, “Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.” Oṣù Kọkànlá ọdún 1991 ni mo rí. Ó ní òun ò lè ṣì í, torí pé oyún ọmọ náà ló wà nínú òun lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, pé a kì í ṣe ará Kwárà mọ́. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni ìkéde yẹn. Ọmọ tí mo pè ní 19 kò ju ọmọ ọdún 14 àti oṣù mẹ́ta lọ.

Mo bẹ ìyá náà, mo sì bẹ àwọn ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n dá orúkọ ọmọ náà padà, ṣùgbọ́n ìlú wọn ti gbá eré àkọ́kọ́ láìsí i. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ wọn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni kí n tú u palẹ̀ lójú yín, kí ẹ rí gbogbo ohun tí mo kà sí ọjọ́ orí tí kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ló fi kámẹ́rà kékeré ya àwọn ọmọ náà lórí pápá, ní nǹkan bí agogo 12 ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oòrùn oṣù Kejì wa, ẹ mọ ibi tó máa ń wà ní agogo 12. Àtàrí ni. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti òkè báyìí, egungun ìpéǹpéjú á ju òjìji sínú ihò ojú, ojú á wọnú. Imú á ju òjìji sórí ètè òkè, ẹ ó sì rò pé irunmú ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ju tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ìlà méjì á sọ̀ kalẹ̀ láti imú dé igun ẹnu bíi ti bàbá àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwa onífọ́tò mọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò rí: fọ́tò kì í ya ìhunjọ awọ. Òjìji ìhunjọ ló ń yà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti iwájú gangan, kò sí òjìji, ìhunjọ á sì pòórá, bó tilẹ̀ wà lójú ẹni náà bíi ti ebè. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, kòtò tí kò jìn tó ìbú irun kan á di ọ̀nà odò. Ẹnì kan náà ni, ìṣẹ́jú kan náà ni.

Ọyẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ náà kò pa ìpara. Awọ tí omi ti gbẹ lójú rẹ̀ máa ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó máa ń funfun bí ẹni fi eérú pa á, àwọn ìlà tí kò sí níbẹ̀ ní ìgbà òjò á sì hàn. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ padà wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ìlà yẹn á ti lọ. Ohun tí ìpara lè mú kúrò kò lè jẹ́ ọjọ́ orí.

Èyí tó ṣòro láti gbà gbọ́ jù ni ọ̀rọ̀ bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí. Ẹ dákun, kí gbogbo yín fọwọ́ kan ṣóńṣó imú yín. Ẹ tún fọwọ́ kan etí. Etí wà lẹ́yìn imú ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹni tó ya ọmọ yìí sún mọ́ ọn gan-an kí ojú lè kún fọ́tò. Ká sọ pé kámẹ́rà wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí imú. Ó jẹ́ 42 sí etí nìyẹn. Ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju ohun tó jìnnà sí i lọ gẹ́gẹ́ bí jíjìnnà wọn ṣe rí, nítorí náà ẹ fi 30 pín 42, ẹ ó rí 1.4. Imú ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá tóbi ju bó ti yẹ lọ sí etí. Ẹ wá sún sẹ́yìn títí kámẹ́rà á fi jìnnà ní mítà kan àtààbọ̀. Ó di 150 sí imú, 162 sí etí. Ẹ pín in, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣe ìṣirò yìí. Àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, nítorí àwọn ènìyàn ń wo sẹ́lífì tí wọ́n sì ń wá bá wọn pé kí wọ́n gé imú àwọn kù. Wọ́n rí i pé fọ́tò tí a yà ní ẹsẹ̀ bàtà kan ń mú kí imú fẹ̀ tó nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe máa rí ní ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Kò sí ohun tó ṣe imú wọn. Ọwọ́ wọn ni kò gùn tó.

Kí ni èyí kan ọjọ́ orí? Ẹ wo ojú ọmọdé dáadáa. Iwájú orí àti ẹyinjú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbà, ṣùgbọ́n imú àti àgbọ̀n rẹ̀ ṣì kéré, torí pé àwọn yẹn ló máa ń dàgbà kẹ́yìn. Láìmọ̀, ìyẹn ni ojú wa ń wọ̀n: bí imú àti àgbọ̀n bá tóbi sí ìyókù ojú, a ó ní àgbà ni. Kámẹ́rà tó sún mọ́ jù sì ti sọ imú di ńlá kí a tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀ àgbọ̀n, àgbọ̀n á tóbi, ẹni náà á dàgbà sí i. Bí ẹ bá gbé e sókè orí, iwájú orí àti ojú á gbòòrò, àgbọ̀n á kéré, ẹni náà á di ọmọdé. Ẹ bi àwọn ọmọbìnrin yín ìdí tí wọ́n fi ń na fóònù sókè kí wọ́n tó ya ara wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ìṣirò kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ẹ ó ní irunmú ńkọ́? Òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òjìji. Ọmọ náà ní irunmú díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ń kẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti máa ń búra. Àmọ́ bàlágà kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ọmọkùnrin kan lè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 9, òmíràn kò ní bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi di 14, kò sì sí àìsàn lára èyíkéyìí nínú wọn. Tọmọbìnrin máa ń ṣáájú díẹ̀, láàárín ọdún 8 sí 13. Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní 9, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ ní 14. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pé 14, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di géńdé, èkejì ṣì ń ṣe bí àbúrò rẹ̀. Irunmú ń sọ ibi tí ara bá ìrìn dé. Kò mọ ọjọ́ tí ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń lé kúrò nínú bọ́ọ̀lù nítorí irunmú, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé ara wọn yára.

Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa la rò pé ẹ̀rín ń mú ojú rọ̀ bí ọmọdé, èmi náà máa ń sọ fún oníbàárà pé kó rẹ́rìn-ín kó lè dà bí ọmọge. Irọ́ ni mo ń pa. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ojú ti gbé fọ́tò ẹnì kan náà síwájú àwọn ènìyàn, ọ̀kan tó rẹ́rìn-ín àti ọ̀kan tí kò rẹ́rìn-ín. Èyí tó rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè ní àgbà, torí pé ẹ̀rín ń hun awọ ẹ̀gbẹ́ ojú jọ. Nígbà tí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan náà, wọ́n dáhùn pé àwọn rò pé ẹlẹ́rìn-ín làwọn pè ní ọmọdé. Ohun tí a rò pé a ń ṣe àti ohun tí a ń ṣe kò dọ́gba.

Èyí ni ẹ̀bi fọ́tò. Ẹ̀bi tèmi kù.

Nínú ìdì fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó wá, fọ́ọ̀mù àwọn kóòṣì àti àwọn alábòójútó ló wà lókè. Àgbà ọkùnrin bíi mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó dórí ọmọ yìí. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìyẹn já mọ́ nǹkan. Àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 tó fi hàn pé ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò máa ń fa èyí tó tẹ̀ lé e sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Tí a bá ti ibi àgbà bọ̀, a ó fi ọdún kún tọmọdé. Tí a bá ti ibi ọmọdé bọ̀, a ó yọ nínú tàgbà. Wọ́n tún rí ohun kejì: gbogbo wa máa ń fa ènìyàn sí àárín. Ọmọdé, a ó sọ ọ́ di àgbà díẹ̀. Àgbà, a ó sọ ọ́ di ọmọdé díẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ ọdún 14 tí wọ́n tò sẹ́yìn kóòṣì mẹ́rin. Ohun méjèèjì ló ń tì í sí ibì kan náà. Kí n tó wo imú tàbí irunmú rẹ̀, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá.

Ẹ ó rò pé, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò burúkú ló dá a lẹ́bi, fọ́tò dáadáa á gbà á sílẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo pe ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo fún un ní òróró kó fi pa ojú. Mo mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó dojú kọ àríwá, mo ta aṣọ funfun sí apá kejì kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà, mo sún sẹ́yìn ní mítà méjì, mo sì ní kó pa ẹnu dé. Fọ́tò náà dára púpọ̀. Mo gbé e sórí káńtà, mo ń bi àwọn oníbàárà pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ọ̀pọ̀ wọn ní 12. Ẹnì kan ní 11, ó tilẹ̀ béèrè bóyá ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi nígbà tí mo jókòó lálẹ́ tí mo wá rí i pé a tún ti ṣì í. Fọ́tò àkọ́kọ́ fi ọdún márùn-ún kún un, tèmi yọ ọdún méjì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní 14. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo ti ìṣìnà kan bọ́ sí òmíràn tó dùn ún wò.

Ní ti àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ mọ fọ́tò ìyá àgbà tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀, tí ojú rẹ̀ ń dán bí awo? Nígbà fíìmù, a máa ń fi pẹ́ńsù ṣíṣónṣó ṣiṣẹ́ lórí fíìmù náà kí a tó tẹ̀ ẹ́. Lórí fíìmù, ibi tó dúdú lójú ènìyàn ló máa ń mọ́, nítorí náà ìhunjọ á hàn bí ìlà tó mọ́ gaara. A ó fi pẹ́ńsù kun ìlà náà díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, nígbà tí a bá sì tẹ fọ́tò jáde, ìhunjọ ti lọ. Owó díẹ̀ ni a ń gbà sí i. Lónìí fóònù ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ sì tún wá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, tí òun náà ń fún fọ́tò mọ́lẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ nù ni àwọn ohun wẹ́wẹ́ ara awọ, èyí tí ẹ̀ ń wá ọjọ́ orí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí ìhunjọ tó jẹ́ òótọ́, tí òjìji tàbí ọyẹ́ kò dá a, ẹ má sáré. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé fọ́tò awakọ̀ ọmọ ọdún 69 jáde, ẹni tó ti fi ọdún 28 wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó hunjọ bí awọ ìlù tí omi pa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì ń dán. Fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ wà lápá òsì. Gíláàsì dá apá oòrùn tó ń jóni lára dúró, ó sì jẹ́ kí apá kejì wọlé, èyí tí a kì í mọ̀ lára tó ń jẹ awọ láti inú. Ẹ fi ìwé bo ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó rí bàbá àgbà; ẹ bo èkejì, ẹ ó rí àbúrò rẹ̀. Orí kan ṣoṣo ni. Awọ dúdú tiwa ń gba ojú oòrùn ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n kò gbà á tán: àgbẹ̀ káṣú tó ń ṣiṣẹ́ láti kékeré àti ẹni tó ń jókòó sí báǹkì kò ní gbó bákan náà. (Àwọn awakọ̀ wa àtijọ́ tí wọ́n ń wakọ̀ kí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tó yí wa sápá ọ̀tún títì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò lójú tiwọn, torí ibẹ̀ ni ìjókòó awakọ̀ wà nígbà náà.)

Kóòṣì kan béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó gun orí pèpéle pé ṣé a kò lè wo egungun nígbà náà. Wọ́n ń wò ó. Nígbà tí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò tíì ju 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà níbí ní ọdún 2009, Fífà fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì wo inú ara yẹ ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ wò. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá orí egungun apá ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tán. Tó bá ti lẹ̀ tán pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni náà ti kọjá 17, torí pé ẹni tó kéré sí i tí egungun rẹ̀ ti lẹ̀ kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì lẹ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ 15, ó sì lè jẹ́ 19. Ẹ̀rọ náà lè lé àwọn kan jáde. Kò lè kọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ tó rí egungun kò bá lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni fọ́tò tó rí awọ nìkan fẹ́ sọ?

Ẹ padà sí ohun tí ìyá ọmọ yẹn gbé wá. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dára, nítorí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ọmọ náà máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìwé ìrìbọmi náà dára nítorí ìdí kan náà, àti rẹ́jísítà ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí ìwé rárá, ẹ béèrè ẹni tó tẹ̀ lé e àti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lábẹ́ ìyá kan náà, kí ẹ sì béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà ìbí: ẹni tó ti ń jẹun nígbà tí náírà dé ní oṣù Kìíní ọdún 1973 kò lè jẹ́ ọmọ 50. Ẹ bi ìyá, ẹ bi ẹ̀gbọ́n lọ́tọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn wọn pàdé. Ó ń gba ọ̀sán kan. Èmi fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣe tèmi.

Ọmọ náà ti lé ní 30 báyìí. Ó wá sílé ní Kérésì tó kọjá, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò fún ìwé kan. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ máa ń tètè hu ewú, tiẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì. Ọmọọṣẹ́ mi gbé àga fún un, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó.” Ọmọ náà wò mí, mo wò ó. Mo ní kó yí ojú sí fèrèsé, mo sì sún sẹ́yìn ní mítà méjì.